Ẹ̀gún Abẹ́ "Ẹ Kú Iṣẹ́ Sà"

Èèyàn lè fi "ẹ" àti "sà" kún gbogbo ìlà àtẹ̀jíṣẹ́, kí ọ̀gá sì kà á tán, kó ní, "Àbí èmi ni ọmọ yìí ń bá wí?"

Ká mú òṣìṣẹ́ kan nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ọjọ́ Ẹtì ni oníbàárà fẹ́ gba ìwé ètò ìsìnkú. Àpẹẹrẹ ìwé náà ti wà lórí fóònù ọ̀gá láti ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ti ń ṣú láìsí èsì. Ó wá kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo tún ń rán yín létí ìwé ètò tí mo fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ṣebí ẹ ní ẹ máa wò ó. Oníbàárà ti ń yọ wá lẹ́nu. Kò burú, a ń retí yín o."

Kò sí èébú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi gbolóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè: kí ni ọ̀gá máa mọ̀, tàbí kí ló máa ṣe, nítorí pé ó kà ọ́? "Ṣebí ẹ ní ẹ máa wò ó" kò sọ ohun tuntun kankan fún un. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni kí ojú tì í. Bákan náà ni "tún" àti "kò burú", nítorí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ó burú. Gbolóhùn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó dun ẹni tó ń kà á ni ẹ̀gún, bó ti wù kó dọ̀bálẹ̀ tó.

Kí ló dé tí ẹni tó kọ ọ́ kì í rí i? Ohùn tirẹ̀ ló ń gbọ́ bó ṣe ń kọ ọ́. Lọ́dún 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ àtọ̀rọ̀ gidi nínú ímeèlì. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ rò pé ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa yé ẹni tó gbà á bó ṣe yẹ. Ìdá 56 péré ló yé wọn, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn kàn máa méfò lọ. Ohun tó dín àṣejù ìdánilójú yẹn kù ni pé kí olùkọ̀wé fi ohùn òdìkejì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Torí náà, ẹ fi ohùn ẹni tí inú ń bí ka tiyín sétí ara yín. Bí ó bá bá ohùn náà mu láìṣe wàhálà, ẹ tún un kọ.

Ìyẹn kì í ṣe pé kẹ́ ẹ gé e kúrú ṣáá. "Sà, ìwé yẹn ńkọ́?" kò ní ẹ̀gún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni. "Ẹ fèsì ká lè tẹ̀wé" le jù, torí àṣẹ ni láìsí ìdí. Bí ẹ̀rọ bá ń jóná lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí i. "Bí ẹ bá ráyè, sà" náà léwu lọ́nà tirẹ̀: ọ̀gá lè má ráyè títí di ọjọ́ Ẹtì.

Wàyí o, ẹ wo bí mo ṣe máa tún un kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo àpẹẹrẹ ìwé ètò ìsìnkú tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ojú ìwé 3, níbi tí ẹbí ti pààrọ̀ fọ́tò, ló nílò àṣẹ yín. Tí a bá gbà á kí aago méjì ọ̀sán ọ̀la tó lù, a ó tẹ̀ ẹ́ lọ́la, a ó dì í ní Ọjọ́bọ̀, oníbàárà á sì gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣeun sà."

Ìkánjú ṣì wà níbẹ̀, kódà ó hàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń kánjú, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló ń bínú. Ohun tí ọ̀gá máa ṣe ti wà lókè, torí ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń yọ lójú fóònù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń fi "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ránṣẹ́, tí wọ́n á wá máa dúró de èsì.

Ibi tí ẹ kọ ọ́ sí náà ṣe pàtàkì. Ìṣẹ́jú 15 péré ni Wásáàpù ń fúnni láti tún ọ̀rọ̀ tó ti lọ ṣe, ó sì máa ń kọ "Edited" sí i lára. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ara yín ná, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì tẹ ẹ́ lọ.

Ibì kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ rọ ọ̀rọ̀ lójú, ìyẹn nígbà tí ẹ̀tọ́ yín bá wà ńlẹ̀. "Owó oṣù Kẹjọ kò tíì wọlé, sà. Ọjọ́ wo ni ká máa retí rẹ̀?" Kò sí ẹ̀gún níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Bí ọ̀gá bá bínú sí èyí, kì í ṣe ọwọ́ ìkọ̀wé yín ló fà á.