Àlàfo Mẹ́ta Lórí Sáàfù

Ẹ jẹ́ ká gbé eré tẹníìsì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lórí pápá koríko, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń yára, Ayọ̀ ń jẹ pọ́ìntì 65 nínú 100 tó bá sáàfù, Délé tó kojú rẹ̀ ń jẹ 62. Lórí pápá amọ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń lọ́ra, Bísí ń jẹ 55, Ṣadé ń jẹ 52. Àlàfo mẹ́ta ló wà níhìn-ín, òun náà ló wà lọ́hùn-ún. Nínú Ayọ̀ àti Bísí, ta ló súnmọ́ ìṣẹ́gun jù? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní Ayọ̀, nítorí pé sáàfù rẹ̀ le.

Orí gémù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sáàfù lè parí gémù kí alátakò rẹ̀ tó jẹ pọ́ìntì kankan, tàbí lẹ́yìn tó ti jẹ ẹyọ kan, tàbí méjì. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ti dé diúùsì nìyẹn, ẹni tó bá fi pọ́ìntì méjì ṣíwájú ló gbà á. Bí a bá pe ìdá pọ́ìntì tó ń jẹ ní p, tí a pe ìyókù ní q, gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí wà nínú ìlà kan:

```
G = p^4(1 + 4q + 10q^2) + 20p^3q^3 * p^2/(p^2 + q^2)
```

Fún Ayọ̀, èsì rẹ̀ jẹ́ gémù 83 nínú 100 tó bá sáàfù, fún Délé 78. Fún Bísí ó jẹ́ 62, fún Ṣadé 55. Àlàfo mẹ́ta ti di nǹkan bí márùn-ún lórí koríko, ó sì ti di méje lórí amọ̀. Ohun tó fà á ni pé àárín, nítòsí 50, ni gémù ti ń fẹ àlàfo jù. Ẹni tó ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú sáàfù rẹ̀ kò ní àyè púpọ̀ mọ́ láti fi gòkè.

Ṣé Bísí ló wá súnmọ́ ìṣẹ́gun jù ni? Ẹ ní sùúrù. Ọgbọ́n kan wà fún sẹ́ẹ̀tì tó dùn mọ́ mi gan-an: ká ṣe bí ẹni pé wọ́n gbá gémù mẹ́wàá pé, kí kálukú sáàfù márùn-ún, ìbáà jẹ́ pé sẹ́ẹ̀tì ti parí ṣáájú. Ẹni tó bá jẹ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ni sẹ́ẹ̀tì. Bó bá di márùn-ún sí márùn-ún, gémù méjì ló kù. Ẹni tó bá jẹ méjèèjì ló gbà á, bí wọ́n bá pín in, ó di taibíréèkì. Ọgbọ́n yìí tún fi hàn pé ẹni tó kọ́kọ́ sáàfù kò ní àǹfààní kankan nínú ìṣirò. Ayọ̀ á gba nǹkan bí sẹ́ẹ̀tì 60 nínú 100, Bísí á gba 60 àti ààbọ̀. Àlàfo tó fẹ̀ sí i fún Bísí nínú gémù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Nínú eré sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ jẹ mẹ́ta ti borí, 60 á di 68, ti Bísí á tó 69. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni, nǹkan bí 65 àti 66 ni. Àlàfo ló ń sọ ẹni tó máa borí, kì í ṣe líle sáàfù. Ohun tí líle sáàfù ń yí padà ni ìrìn eré: sẹ́ẹ̀tì 22 nínú 100 ti Ayọ̀ á dé taibíréèkì, ti Bísí á jẹ́ 12 péré.

Èmi a máa fi èyí wo àṣekágbá Wimbledon ọdún 2019. Roger Federer jẹ pọ́ìntì 218, Novak Djokovic jẹ 204. Ìdá ti Federer lé díẹ̀ ní 51 àti ààbọ̀ nínú 100, èyí tó jọ ti Ayọ̀ gan-an, tó ń jẹ 65 nínú 100 bó bá sáàfù àti 38 bí Délé bá sáàfù. Djokovic ló gba ife, nítorí pé taibíréèkì mẹ́ta ni wọ́n gbá, òun ló sì jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan pè é ní àrà; nínú ìṣirò wa, irú Ayọ̀ máa ń pàdánù nínú eré 32 nínú 100.

Ìṣirò yìí gbà pé pọ́ìntì kan kò mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Klaassen àti Magnus, yẹ èyí wò lórí pọ́ìntì Wimbledon, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2001: kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ pọ́ìntì máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré. Ibi tí wàhálà gidi wà ni nọ́ńbà 65 fúnra rẹ̀. Bí Ayọ̀ bá sáàfù pọ́ìntì 100 nínú eré kan, oríire lásán lè sọ ọ́ di 60 tàbí 70. Àlàfo mẹ́ta tí gbogbo ìṣirò wa dúró lé ti sọnù sínú ìyẹn. Ẹni tó bá wo eré kan ṣoṣo, tó ní òun mọ ẹni tó mọ sáàfù jù, àfi kó lọ ka pọ́ìntì odindi sáà kan.