Bẹ́ẹ̀dì Ewédú Mẹ́fà: Òwò fún Ẹni tí Kò Dáko Rí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí koríko ń hù sí, bẹ́ẹ̀ owó oṣù kò tó gbọ́ bùkátà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ fi ilẹ̀ náà wá owó, wọn a ní kí ó sin ẹja tàbí kí ó sin adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹja àti adìẹ ń jẹun lójoojúmọ́, oúnjẹ wọn sì ni ó ń gbé owó lọ jù. Ewédú ni èmi fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 péré ni ó ń lò kí a tó fà á tà, owó irúgbìn rẹ̀ kò sì pọ̀. Síbẹ̀, mo pàdánù lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tí mo rí kọ́ nínú àdánù náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

1. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Bẹ́ẹ̀dì kan tí ó fẹ̀ tó mítà 1, tí ó gùn tó mítà 10, kò ṣòro fún ẹnì kan láti tọ́jú. Bí a bá fi ọ̀nà ẹsẹ̀ sí àárín wọn, bẹ́ẹ̀dì 6 yóò gbà lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 9 sí 10. Èyí kò tó ìdá mẹ́rin púlọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100.

Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì kan ń fẹ́ omi tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì lójúmọ́, kan ní òwúrọ̀, kan ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀dì 6 yóò gba kẹ́ẹ̀gì 12. Bí kànga bá wà nítòsí, agbára ni ẹ óò lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra omi, ẹ dúró kí ẹ ṣírò. Láàárín ọjọ́ 40, bẹ́ẹ̀dì kan yóò mu kẹ́ẹ̀gì 80. Bẹ́ẹ̀dì tí èmi kọ́kọ́ fà kò ju ìdì 60 lọ. Bí kẹ́ẹ̀gì omi kan bá tó iye tí ẹ ń ta ìdì kan, gbèsè ni ẹ gbìn. Ohun tí ó ṣe mí gan-an nìyẹn: mo gbin bẹ́ẹ̀dì 6 lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kọkànlá, mo sì ń ra omi. Ẹni tí kò ní kànga, kí ó dúró de òjò. Ẹni tí kànga rẹ̀ kò lè mú ju kẹ́ẹ̀gì 6 wá lójúmọ́, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀dì 3.

2. Irúgbìn tí kò hù

Mo da irúgbìn sílẹ̀ bí mo ṣe rà á, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó hù. Mo rò pé ẹni tí ó tà á fún mi ló rẹ́ mi jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀, nítorí náà ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìhù. Omi gbígbóná ni a fi ń là á. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú omi gbígbóná, yóò jinná, kò sì ní hù mọ́. Ẹ sá a sí ibòòji kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ dán an wò. Ẹ ka hóró 20 sórí aṣọ tútù, kí ẹ bò ó. Bí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá là láàárín ọjọ́ 5, irúgbìn yín dára.

3. Bí a ṣe ń gbìn ín

Ẹ ro bẹ́ẹ̀dì kí ó rọ̀, kí ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tí ó tó kílò 20 sí i, kí ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tí ó ti jẹrà. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú àpò tí ó ṣì ń gbóná, tàbí tí òórùn rẹ̀ ń ta yín nímú, ẹ jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, torí pé yóò jó gbòǹgbò ewédú.

Ṣíbí tíì kan irúgbìn tó bẹ́ẹ̀dì kan. Nítorí pé hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù jọ sójú kan. Ẹ wọ́n ọn káàkiri, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Agolo tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí ni kí ẹ fi máa bu omi rin ín, torí pé omi tí a bá dà gbàà yóò wọ́ irúgbìn lọ.

4. Bẹ́ẹ̀dì kan lọ́sẹ̀ kan

Àṣìṣe mi kejì ni pé bẹ́ẹ̀dì 6 tó fà lọ́jọ́ kan náà. Ewédú tí a fà lónìí yóò ti rọ lọ́la, aláta tí mo bá sọ̀rọ̀ kò sì lè gba ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó. Bí ewédú bá ti ń yọ òdòdó, igi rẹ̀ a le, ewé rẹ̀ a sì dínkù. Ní àkókò tí ojúmọ́ kúrú, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, ó máa ń tètè yọ òdòdó ju ti ìgbà òjò lọ.

Nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀dì kan ni mo ń gbìn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ keje mo fa ti àkọ́kọ́, mo sì tún un gbìn. Láti ìgbà náà lọ, bẹ́ẹ̀dì kan ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kan bá bàjẹ́, ẹyọ kan nínú mẹ́fà ni.

5. Ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀

Bí ewédú bá ń pọ́n, tí kò ga, bẹ́ẹ̀ ó ń rí omi mu, ẹ fa ẹyọ kan kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó wúruwùru lára rẹ̀, aràn tíntìntín inú ilẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ló wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbin ewédú tàbí ṣọkọ sí bẹ́ẹ̀dì náà fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé oúnjẹ aràn náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ sí i, èyí tí ó lè fara dà á jù wọ́n lọ, tí ó sì máa ń tó fà ní ọ̀sẹ̀ 4.

6. Títà rẹ̀

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ lọ bá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jà. Púpọ̀ nínú wọn a máa ra odidi bẹ́ẹ̀dì, àwọn fúnra wọn ni yóò sì fà á. Ẹ má ṣe fi ojú lásán dá owó bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fa mítà 1 níbi tí kò pọ̀ jù, tí kò sì ṣán jù, ẹ dì í, ẹ kà á, kí ẹ sì fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdì 6, ìdì 60 ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ yọ èrè tirẹ̀ kúrò fún un, torí pé òun ni yóò fà á, òun ni yóò sì gbé e.

Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye omi, ìgbẹ́ adìẹ àti irúgbìn tí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan gbà, àti iye tí ẹ tà á. Lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ìwé náà ni yóò sọ fún yín bóyá kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ dúró.