Pọ́ńpù Ńlá Tó Ń Jẹ Dísù Lásán

Máníjà tó bá fẹ́ sọ fún olóko pé kí wọ́n yọ pọ́ńpù tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi kékeré rọ́pò rẹ̀, kó yáa múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí olóko á bi í ni pé kí ló ṣe èyí tó wà nílẹ̀. Ìdí fáàfù ló yẹ kí ìwé tó máa kọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi oko tòmátì àti ata kan létí Odò Ògùn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi bí òjò ni wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ra pọ́ńpù oní-37 kílówáàtì, ìyẹn agbára ẹṣin 50, tó lè fa 150,000 lítà omi ní wákàtí kan. Nígbà tó yá, wọ́n yí sí rọ́bà tó ń kán omi sí ìdí irè. Omi tí oko nílò wá já wálẹ̀ sí 80,000 lítà ní wákàtí kan, àmọ́ pọ́ńpù àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń tan. Kí rọ́bà má baà bẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń yí fáàfù dí títí yóò fi ku díẹ̀ kó pa dé.

Ẹni tó bá dúró tì í yóò gbọ́ bí omi ṣe ń kùn nínú fáàfù náà. Gééjì tó ṣáájú fáàfù ń ka 6.5 báà, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ka 3.9. Báà 2.6 tó sọnù láàárín méjèèjì, owó dísù ló lọ sí i. Ipá yẹn tó gbé omi gun òkè tó ga ní mítà 26, bẹ́ẹ̀ omi kò gun ibì kankan.

Iná tí mọ́tò náà ń fà báyìí tó kílówáàtì 28. Pọ́ńpù oní-15 kílówáàtì tó bá oko mu, tí fáàfù rẹ̀ sì ṣí gbayawu, yóò fa bí 14. Bí wọ́n bá ń bomi rin fún wákàtí 8 lójúmọ́, fún 150 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 16,800 yúníìtì iná. Tí lítà dísù kan bá ń fún wa ní bíi yúníìtì mẹ́ta, á jẹ́ pé 5,600 lítà ni wọ́n ń sun dànù lọ́dún. Kí olóko fi iye tí wọ́n ń ta dísù lọ́sẹ̀ yìí ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí wá ni ti dìráífù, àpótí tó ń mú kí mọ́tò yí kíá tàbí jẹ́jẹ́? Kì í ṣe gbogbo oko ni wọ́n ń bu omi sí lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ apá kan péré ló ń mu omi, tí 55,000 lítà sì tó, dìráífù á dín yíyí mọ́tò kù, iná tó ń fà á sì sọ̀ kalẹ̀ sí bíi kílówáàtì 9, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáàfù. Ó tún máa ń tan mọ́tò díẹ̀díẹ̀, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e.

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń wà nìyí: ṣé dìráífù kò ṣeé so mọ́ pọ́ńpù ńlá yẹn? Ó ṣeé ṣe. Kódà, ọ̀pọ̀ nínú èrè tí mo kà sókè yìí ló máa mú wá, torí pé iná tó máa fà kò ní ju bíi kílówáàtì 16 lọ. Máníjà olóòótọ́ kò gbọ́dọ̀ fi èyí pa mọ́. Ṣùgbọ́n dìráífù tó lè gbé 37 kílówáàtì wọ́n ju ti 15 lọ dáadáa, pọ́ńpù náà kò sì ní wà níbi tí iṣẹ́ ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí omi bá kéré jù nínú pọ́ńpù, á máa gbọ̀n, béárìn àti síìlì á sì tètè bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí dìráífù bá kọṣẹ́, a ó tún padà sídìí fáàfù. Èmi fara mọ́ kékeré.

Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń tà á. Wọ́n á ní tí ẹ bá dín yíyí kù sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìlàjì. Òótọ́ ni, níbi tó bá jẹ́ pé páìpù nìkan ló ń dá omi dúró. Nínú oko yìí, omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè mítà 12, kó sì tún ní ipá báà méjì nígbà tó bá dé ẹnu rọ́bà. Ìyẹn kì í dín kù bó ti wù kí mọ́tò yí jẹ́jẹ́ tó. Tí ojú dìráífù bá fi ń hàn 40 Hz dípò 50 Hz, agbára pọ́ńpù láti ti omi sókè á já sí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mọ́tò lè máa yí, kí omi má dé oko, kí èyí tó wà nínú pọ́ńpù sì máa gbóná. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá so ó ni kí wọ́n ti fi ààlà sí ibi tí yíyí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí eruku kò ti pọ̀, sì ni kí àpótí náà wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní pọ́ńpù lóko, kí ẹ tó náwó, ẹ so gééjì sí iwájú àti ẹ̀yìn fáàfù yín. Bí fáàfù bá ṣí tán, tí iye tí méjèèjì ń kà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí omi tó dé oko kò sì ju èyí tí irè nílò lọ, pọ́ńpù yín kò tóbi jù. Ẹ fi owó yín sápò.