Ilé Wà ní Èkó, Onílé Wà Lókè Òkun: Ta Ni Yóò Mójú Tó O, Èló La Ó Sì San?

Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Hústọ́ọ̀nù, tó sì kọ́lé sí Èkó, sábà máa ń bi ejẹ́ǹtì tó fẹ́ bá a mójú tó ilé ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Èló lẹ máa gbà?" Ẹnì kan á ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, ẹlòmíì á ní márùn-ún, ẹlòmíì á sì ní òun ò ní gba kọ́bọ̀. Onílé á wá mú èyí tó kéré jù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó tó wọ àpò ẹni yìí? Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí owó ilé bá dé ọ̀dọ̀ yín ni tirẹ̀ náà ń dé, ohun kan náà lẹ jọ ń wá. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ayálégbé bá kó jáde ni tirẹ̀ tó ń wọlé, àdánù yín ni èrè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní Ìkòròdú, ó ní fúláàtì mẹ́rin, ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì ń san mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,000,000. Kànga ẹlẹ́rọ kan àti pọ́ọ̀ǹpù kan ló ń fún gbogbo wọn lómi, sọkéwéè kan ni gbogbo wọn ń lò. Nọ́ọ̀sì ni onílé, Lọ́ńdọ̀nù ló wà.

Ṣé gbogbo onílé ló nílò alámòójútó?

Rárá o. Owó ilé gbígbà kọ́ niṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Èkó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ń sanwó, wọ́n sì lè san án tààrà sínú àkáǹtì yín. Iṣẹ́ gan-an ni àárín ọdún: pọ́ọ̀ǹpù tó jóná lọ́jọ́ Àìkú, sọkéwéè tó kún, bílì ilẹ̀ àti ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń mú wá lọ́dọọdún, ìjà lórí ẹni tó yẹ kó dá owó omi.

Bó bá jẹ́ ilé kan tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé lẹ ní, tí mítà rẹ̀ dá wà, tí táǹkì omi rẹ̀ dá wà, tí ayálégbé yín sì ń sanwó déédéé, ẹ ò nílò alámòójútó ọlọ́dọọdún. Púlọ́ńbà kan àti oníná kan tí ẹ lè pè lórí fóònù, tí ẹ ó máa sanwó fún tààrà, ti tó. Lọ́yà tí yóò kọ àdéhùn nígbà tí ayálégbé tuntun bá ń wọlé ló kù.

Ilé oní-fúláàtì mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ló ń dá wàhálà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè parí ìjà omi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún kó tó kó jáde. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tó ń sọ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ nílé ẹjọ́. Bí ìwé wọ̀nyí kò bá bófin mu, ẹjọ́ lè dà nù, kí ẹ sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó gba ẹni tó wà nítòsí, tó mọ ọ̀nà, tí ẹ sì ti kọ̀wé fún pé kó máa ṣojú yín.

Àbúrò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń mójú tó ilé ẹ̀gbọ́n wọn tọkàntọkàn, láìgba ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ṣé mo lè ní kó fi rísíìtì pọ́ọ̀ǹpù hàn mí láìjẹ́ pé ó di ìpàdé ẹbí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un níṣẹ́ náà, kí ẹ sì máa san ohun kan pàtó fún un. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ẹlòmíì, kí àjọṣe ẹbí má baà bàjẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà gbowó

Ọ̀nà kìíní ni ìdá kan nínú owó ilé, ó sábà máa ń wà láàárín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá mẹ́wàá nínú ₦4,000,000 jẹ́ ₦400,000. Ká wá ní ọdún kan burú: fúláàtì kan ṣófo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ayálégbé kan sì kọ̀ kò sanwó. Owó tó wọlé di ₦2,000,000, owó alámòójútó sì di ₦200,000. Ohun tó dun yín dun òun náà. Ẹ kàn ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìwé bá ní ìdá mẹ́wàá nínú owó ilé "tí ó yẹ kó wọlé", ₦400,000 náà lẹ ó san, bí gbogbo fúláàtì tilẹ̀ ṣófo. "Owó ilé tí ó wọlé" ni kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni iye kan pàtó lóṣooṣù. Ká ní ₦25,000 ni, ìyẹn ₦300,000 lọ́dún. Lọ́dún tó dára, ó fi ₦100,000 dín sí ti àkọ́kọ́. Lọ́dún tó burú, ó fi ₦100,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé owó yìí ń lọ bí fúláàtì bá kún, ó ń lọ bó bá ṣófo. Kò sí ohun tó ń lé alámòójútó láti tètè wá ayálégbé. Ṣùgbọ́n ó bá àwọn onílé kan mu. Bí fúláàtì yín kan ṣoṣo bá ń mú ₦10,000,000 wọlé lọ́dún, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ lè máà tó ìdajì ti ilé Ìkòròdú yẹn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni iye pàtó yẹ.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́, òun ló sì yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa. Ejẹ́ǹtì á ní, "Ẹ má san nǹkan kan fún mi, ọwọ́ ayálégbé ni mo ti máa gba tèmi." Lóòótọ́ ló ń sọ. Ní Èkó, ayálégbé tuntun sábà máa ń san nǹkan bí ìdá mẹ́wàá owó ilé fún kọmíṣọ́ọ̀nù, àti ìdá mẹ́wàá mìíràn fún àgíríìmẹ́ǹtì. Lórí fúláàtì mílíọ̀nù kan, ₦200,000 nìyẹn. Ayálégbé tó bá jókòó fún ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló san án. Bí ayálégbé mẹ́ta bá gba ibẹ̀ kọjá láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n san án.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí onílé. Ká ní fúláàtì méjì pààrọ̀ ayálégbé lọ́dún kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣófo fún oṣù mẹ́ta kí ẹlòmíì tó wọlé. Oṣù mẹ́ta nínú mílíọ̀nù kan jẹ́ ₦250,000. Fúláàtì méjì sọ ọ́ di ₦500,000 tí kò wọlé fún nọ́ọ̀sì wa, yàtọ̀ sí owó ọ̀dà tuntun àti títún kọ́kọ́rọ́ ṣe. Ejẹ́ǹtì pa ₦400,000. "Ọ̀fẹ́" yìí wá fi ₦100,000 wọ́n ju ìdá mẹ́wàá ọdún tó dára lọ. Mi ò sọ pé gbogbo ejẹ́ǹtì ló ń lé ayálégbé jáde. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ìdí kankan fún un láti tọ́jú ayálégbé rere kó lè pẹ́ nílé yín.

Àtúnṣe ni owó ti ń jò

Èyí tó wù kí ẹ mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó àtúnṣe lè gbé gbogbo ìṣirò yìí mì. Alámòójútó tó gba ìdá márùn-ún, tó ń fi owó lé orí iṣẹ́ púlọ́ńbà, lè wọ́n ju ẹni tó gba ìdá mẹ́wàá ní gbangba lọ. Lórí ilé wa, ₦200,000 péré ni ìyàtọ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá. Bí pọ́ọ̀ǹpù kan àti iṣẹ́ sọkéwéè kan bá gba ₦100,000 ju iye wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ náà ti tán.

Ohun tó ń dí ihò yìí ni pé kí ẹ fi ààlà sí i nínú ìwé. Ẹ lè ní kó ṣe àtúnṣe tí kò bá kọjá ₦50,000 láìbi yín, nítorí pé omi kò ṣeé fi dúró di ìgbà tí ẹ bá jí. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kó fi iye tí oníṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè é ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú fọ́tò ohun tó bàjẹ́, kí ẹ sì sanwó fún oníṣẹ́ náà fúnra yín. Kí ìwé náà sọ ọ́ kedere bóyá alámòójútó ń gba ohun kan lórí àtúnṣe. Kò burú bó bá gbà á, bí ẹ bá ṣáà ti mọ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé

Rísíìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òfin 2011 yẹn pàṣẹ pé kí ayálégbé gba rísíìtì tó ní ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye tó san àti àkókò tí owó náà dúró fún. Bí orúkọ yín kò bá sí lórí rẹ̀, tàbí tí wọn kò kọ àkókò sí i, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ sì máa gba fọ́tò mítà iná fúláàtì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kó fi àpapọ̀ iná tí wọ́n ti lò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mítà náà síbẹ̀ hàn. Fúláàtì tí wọ́n ní ó ṣófo, tí nọ́ńbà yẹn sì ń gòkè lóṣooṣù, ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀. Owó rẹ̀ sì ń bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá ṣe. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ilé àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tí òfin 1975 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Ní Èkó, LASRERA ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó àwọn oníṣòwò ilé àti ilẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi béèrè lọ́wọ́ àjọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi mọ sórí káàdì tó bá fi hàn yín.

Fún nọ́ọ̀sì wa àti irú ilé tirẹ̀, ìdájọ́ mi rèé: kó gba alámòójútó, kó san ìdá kan nínú owó ilé tó wọlé, kó má jẹ́ kó kọjá mẹ́wàá, kí owó ayálégbé máa wọ àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ kó tó san ti alámòójútó, kó sì fi ààlà sí owó àtúnṣe. Kí àdéhùn náà jẹ́ ti ọdún kan péré, tí ẹni tó bá sú lè fi ìwé oṣù kan tàbí méjì jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín lé e lọ́wọ́.