Ìrẹsì Inú Ìkòkò Ńlá àti Tẹmómítà Wolé-wolé

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àǹtí mi kan tó ń dáná òde ní Houston la sọ. Nọ́ńbà pọ̀ nínú ìtàn náà, nọ́ńbà kì í sì dúró létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, kí ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí mi ò ní ilé oúnjẹ. Kíṣìnì ni wọ́n máa ń yá lò ní wákàtí-wákàtí, ní apá ibi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí nítòsí Bissonnet. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tó máa wáyé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ìkòkò náà jìn tó íńṣì 14, ó sì kún dé ọrùn. Aago méje ni wọ́n paná. Wọ́n fi fọ́ìlì bò ó, wọ́n dé e lọ́mọrí, wọ́n ní kó rọlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ yàrá tútù. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, àbí? Oúnjẹ gbígbóná kì í wọ fíríìjì, ó máa ba ẹ̀rọ jẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, àwọn méjì gbé e wọlé bó ṣe wà, kálukú sì lọ sùn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wolé-wolé dé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa, ọ̀rọ̀ yìí rọrùn: wo ilé, wo ilé. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni náà ló máa ń wọ agbo ilé wá, tó máa ṣí àmù wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà nínú omi. Ti Houston ò yẹ àmù wò mọ́, tẹmómítà oníṣóńṣó ló mú dání.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń din ẹran ni pé, "Ta ni máníjà tó wà níbí báyìí?" Wọ́n ní àǹtí ti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lọ sídìí síǹkì ìfọwọ́, ó bá ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tútù, ó ṣí ìkòkò ìrẹsì, ó ti ṣóńṣó tẹmómítà bọ àárín rẹ̀ gbùngbùn. Etí ìkòkò tutù bí omi kànga. Àárín rẹ̀ ka 94°F.

Àǹtí mi padà dé nígbà tí wọ́n ń da ìrẹsì náà sínú ike ìdọ̀tí. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màá tún un gbé kaná, á hó dáadáa!" Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ibi tọ́rọ̀ yìí dé, iná ò lè ṣe é mọ́.

Mo fẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn, torí òun ni sáyẹ́ǹsì ọ̀rọ̀ náà.

Kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, orúkọ rẹ̀ ni Basílọ́ọ̀sì sẹ́rẹ́ọ́ọ̀sì. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wá láti oko. Tí nǹkan bá le fún un, ó máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró kan tí èèpo rẹ̀ le, omi híhó kì í sì í pa gbogbo hóró yẹn. Nítorí náà, ìrẹsì tó jinná dáadáa ṣì lè ní in nínú. Kò tíì ṣèèyàn ní nǹkan kan nígbà yẹn. Àmọ́ nígbà tí oúnjẹ bá ń tutù, tó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, hóró náà á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Nínú ìrẹsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ ṣírò rẹ̀: tí 100 bá wà nínú ṣíbí kan, lẹ́yìn wákàtí márùn-ún wọ́n ti lé ní 100,000.

Bó ṣe ń bí sí i ni irú kan nínú wọn ń tu májèlé sínú oúnjẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wolé-wolé yẹn ti wá nìyí. Iná lè pa kòkòrò náà, àmọ́ májèlé tó ti tu sílẹ̀ ò gbọ́ ti iná. Ẹ gbé e kaná, ẹ jẹ́ kó hó, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà, ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ lórí ijó gan-an. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ àìsàn èébì yìí dájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára àwọn tó jẹ ìrẹsì díndín nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Ìrẹsì tí wọ́n sè sílẹ̀, tí kò tutù bó ṣe yẹ kí wọ́n tó dín in, ló fà á. Ọbẹ̀ ẹran náà ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń ṣe hóró bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ni tiyẹn máa ń fà.

Òfin Texas wá fi aago sí ìtútù oúnjẹ. Láti 135°F sí 70°F, wákàtí méjì péré lẹ ní. Láti ìgbà tó wà ní 135°F títí tó fi máa dé 41°F, kí gbogbo rẹ̀ má ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ẹ wò ó pé ìpele àkọ́kọ́ ni òfin há mọ́ wa jù. Àárín yẹn ni kòkòrò ti ń yára bí jù, wọn ò fẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ níbẹ̀ rárá. Kì í sì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ paná ni aago bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí oúnjẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé 135°F ni.

Kí ló dé tí ìkòkò àǹtí mi ò lè bá aago yẹn mu, nígbà tó jẹ́ pé odindi òru ló fi wà nínú yàrá tútù? Ooru tó wà láàárín gbọ́dọ̀ gba inú ìrẹsì kọjá kó tó dé ìta, ìrẹsì kì í sì í yára gbé ooru kọjá. Àkókò tí ìrìn yẹn ń gbà ò kàn gùn bí jíjìn oúnjẹ ṣe pọ̀ sí i, ó ń gùn ní ìlọ́po lórí ìlọ́po. Jíjìn íńṣì 14 jẹ́ ìlọ́po méje íńṣì 2. Ẹ fi méje lọ́nà méje, ẹ ó rí 49. Èyí ni pé ooru tó lè jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú tíréè pẹrẹsẹ máa gba ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ìkòkò. Ọmọrí àti fọ́ìlì tún wá di bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e lórí.

Lọ́sẹ̀ kejì, àǹtí mi se ìrẹsì tó pọ̀ bákan náà. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo mú bírò. Wọ́n paná ní aago méje, wọ́n sì bu ìrẹsì sínú tíréè ńlá onísítíìlì mẹ́sàn-án, kò ga ju íńṣì 2 lọ nínú ìkankan. Wọn ò dé e, wọn ò sì to tíréè kan lé èkejì. Wọ́n gbé wọn sórí àgbékà nínú yàrá tútù níbi tí fáànù ti lè fẹ́ sí wọn. Ní 7:20 mo ka 135°F. Ní 8:50 mo ka 70°F, ìyẹn wákàtí kan àtààbọ̀. Ní 12:10 ó di 41°F, gbogbo rẹ̀ ò sì tó wákàtí márùn-ún. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bò ó, wọ́n lẹ bébà tó ní déètì mọ́ ọn. Bébà tí mo kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sí ni wolé-wolé ń fẹ́ rí tó bá béèrè báwo lẹ ṣe ń mú oúnjẹ tutù. Tó bá jẹ́ pé wákàtí méjì fẹ́ pé tí ìrẹsì ò sì tíì sọ̀ dé 70°F, wọ́n lè yára gbé e padà kaná dé 165°F kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tí wákàtí méjì bá ti kọjá, ike ìdọ̀tí ló kù.

Ọbẹ̀ ò nílò tíréè mẹ́sàn-án. Ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sínú síǹkì ńlá tó kún fún omi àti yìnyín, kì í ṣe síǹkì ìfọwọ́ o, kí ẹ sì máa rò ó. Àwọn kan máa ń dín omi ọbẹ̀ kù nígbà tí wọ́n bá ń sè é, wọ́n á wá fi yìnyín pé e lẹ́yìn tí wọ́n bá paná. Lójú tèmi, ọgbọ́n yẹn ló dáa jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ máníjà. Sátífíkéètì méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń kó wọn pọ̀. Ti òṣìṣẹ́ lásán, ẹ̀kọ́ kékeré kan tí èèyàn lè ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ti máníjà ní ìdánwò tí ẹnì kan máa dúró ti yín ṣe, ọdún márùn-ún ló sì ń lò. Houston wá fi tiwọn kún un: kí ẹni tó ní ti máníjà wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò tí iṣẹ́ bá ń lọ. Àǹtí mi ní in, inú báàgì wọn ló wà, báàgì sì bá wọn lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nísinsìnyí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn ti ṣe ìdánwò náà.

Ẹnì kan bi wá bóyá èèyàn ò kúkú lè se gbogbo rẹ̀ nílé. Òfin oúnjẹ àsètà nílé ní Texas fẹ̀ sí i ní September 1, 2025, àmọ́ oúnjẹ ẹlẹ́ran, ẹlẹ́dìẹ àti ẹlẹ́ja ò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè dín ṣinṣín nílé kẹ́ ẹ tà á. Àsun àti gìzìdòdò, kíṣìnì tó ní láísẹ́ǹsì ni.

Kẹ́ ẹ tó gba tẹmómítà yín gbọ́, ẹ rún yìnyín kún kọ́ọ̀bù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó, kí ẹ ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ̀ ọ́ láìjẹ́ kó kan ìdí kọ́ọ̀bù. 32°F ló yẹ kó kà. Ti àǹtí mi ka 28°F nígbà tá a kọ́kọ́ dán an wò. Èyí ni pé oúnjẹ tó bá pè ní 41°F, 45°F ni.