Etí Gèlè Màmá Lórí Ẹ̀wù Dúdú

Nígbà tí mo ṣí ẹnu hítì-purẹ́ẹ̀sì tí mo sì bó rọ́bà kúrò lára ẹ̀wù àkọ́kọ́, ohun méjì ni mo rí tí ọkàn mi fi rẹ̀wẹ̀sì. Okùn funfun kan yí gèlè màmá náà ká láti etí ọ̀tún dé etí òsì, tíńrín bí òwú ìránṣọ, bí ẹni pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí orí wọn ká. Ojú wọn náà sì rí bàìbàì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan láti inú òwúsúwusù. Ìnáwó òkú ni iṣẹ́ náà wà fún: ẹ̀wù dúdú 40 fún àwọn ọmọ-ọmọ, ife ìmutíì funfun 60 fún àwọn àlejò. Mo ti tẹ àwọn ife náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Àwòrán kan náà gan-an ni mo lò, wọ́n sì mọ́ rekete. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo fi ṣòfò kí n tó gbà pé ẹ̀rọ kò lẹ́bi. Bí mo ṣe gé àwòrán náà ló lẹ́bi, àti bó ṣe kéré tó.

Àwòrán àgéyọ là ń pe irú èyí tí a bá yọ èèyàn inú rẹ̀ kúrò lára ògiri, àga àti ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló máa hàn lára ohun tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí. Fáìlì PNG ni a sábà máa ń fi pa á mọ́, nítorí pé ó ń tọ́jú ohun méjì nípa ẹ̀kínní-kejì àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, èyí tí à ń pè ní píkísẹ́lì: àwọ̀ rẹ̀, àti bó ṣe hàn tó. Láti 0 dé 255 ni wọ́n ń ka bó ṣe hàn tó. 0 ni òfìfo pátápátá, 255 sì ni èyí tó hàn gbangba. JPEG kò ní àyè fún iye kejì yìí rárá. Bí ẹ bá fi àgéyọ pamọ́ sínú JPEG, á fi àwọ̀ kan dí gbogbo òfìfo náà, funfun lọ́pọ̀ ìgbà.

Láàárín 0 àti 255 yẹn ni wàhálà máa ń wà. Níbi tí gèlè ti pàdé ògiri, píkísẹ́lì kan lè gba díẹ̀ lára gèlè, kó sì gba díẹ̀ lára ògiri. Ògiri ilé màmá funfun. Nígbà tí mo gé wọn jáde, àwọn píkísẹ́lì etí gèlè gbé funfun ògiri dání, wọ́n sì hàn ní ìlàjì ìlàjì. Lórí ife funfun, funfun wọ inú funfun, kò sẹ́ni tó lè rí i. Lórí ẹ̀wù dúdú, ṣe ló tàn yanran. Ká ní ògiri dúdú ló wà lẹ́yìn wọn ni, ẹ̀wù ni ì bá gbà á mọ́ra, tí àwọn ife á sì ní ìdọ̀tí yí gèlè ká. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní àgéyọ òun mọ́, àyàfi bó bá sọ àwọ̀ tó gbé e lé nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà tí à ń gbà tẹ ohun méjèèjì náà tún dá kún un. Iṣẹ́ sọbilimésọ̀n ni ti ife: a máa tẹ àwòrán sórí bébà ní òdìkejì bí ìgbà tí a wo dígí, a wé e mọ́ ife tí wọ́n ti fi èròjà kun lára, ooru nǹkan bíi 190 sí 200 ní òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì sọ yíǹkì di afẹ́fẹ́ tó wọ inú èròjà náà. Kò sí yíǹkì funfun nínú iṣẹ́ yìí. Funfun eyín màmá àti funfun léèsì wọn, funfun ife ni. Nítorí náà, píkísẹ́lì tó bá hàn ní ìlàjì kàn máa gba yíǹkì díẹ̀ ni, etí tó rọ̀ kì í sì í ba ife jẹ́.

Ẹ̀wù dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Dúdú máa ń gbé àwọ̀ mì, nítorí náà dí-tí-ẹ́fù, ìyẹn títẹ̀ sórí rọ́bà kí a tó fi ooru gbé e sí aṣọ, máa ń fi yíǹkì funfun tẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo ibi tí àwọ̀ bá wà. Ìyẹ̀fun gọ́ọ̀mù ni a ń dà sórí yíǹkì tútù náà kó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ. Funfun abẹ́ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlàjì ìlàjì. Bí píkísẹ́lì bá hàn díẹ̀, ó lè tẹ́ funfun sábẹ́ rẹ̀, tí etí á fi máa dán. Bí yíǹkì náà bá sì kéré jù, gọ́ọ̀mù kò ní rí ibi dì mú, á sì ṣí kúrò nínú omi ìfọṣọ. Ohun tí etí ẹ̀wù dúdú ń fẹ́ ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìgbésẹ̀ méjì ni mo fi ń tọ́jú etí báyìí. Nínú GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo máa ń lọ sí `Layer > Transparency > Alpha to Selection` láti mú ìrísí àgéyọ náà. Mo máa fi `Select > Shrink` sún etí náà wọ inú ní píkísẹ́lì 2, mo yí i padà pẹ̀lú `Select > Invert`, mo sì fi `Edit > Clear` pa ohun tó ṣẹ́kù síta rẹ́. Ohun tí mo pa rẹ́ yẹn ni gèlè tó mu funfun ògiri. Kò tó ìdámẹ́ta mílímítà lára aṣọ, ẹnikẹ́ni kò ní wá a. Lẹ́yìn náà, mo máa fi `Select > None` tú ibi tí mo mú sílẹ̀, kí n tó lo `Layer > Transparency > Threshold Alpha`, tó máa sọ ohun tó hàn ju ìdajì lọ di gbangba, tó sì máa sọ ìyókù di òfìfo. Ẹ̀dà ti ẹ̀wù nìkan ni mo ń ṣe ìgbésẹ̀ kejì yìí fún. Ẹ̀dà ti ife máa ń dúró pẹ̀lú etí rírọ̀ rẹ̀.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń gbé àwọ̀ dúdú sábẹ́ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí n sún un mọ́ ojú ní ìlọ́po méjì, kí n tẹ̀ lé etí rẹ̀ yí po. Lẹ́yìn dúdú ni mo máa ń gbé pupa tó pọ́n gan-an sí i. Pupa yìí ló ń tú àṣírí àwọn èérún tó hàn díẹ̀díẹ̀ káàkiri òfìfo, àwọn tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ bí eruku funfun. Òun náà ló ń fi àwọn ihò tí a gbàgbé hàn. Gèlè rọrùn láti gé nítorí pé etí rẹ̀ le, ó sì ṣe kedere. Àyè tó wà láàárín apá àti ìhà, ibi tí màmá ti gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ni ògiri máa ń sá pamọ́ sí. Ti léèsì oníhò ṣòro jù. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe gé ihò léèsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀wù, nítorí pé okùn tí kò tó mílímítà kan nípọn kì í pẹ́ ṣí lára aṣọ. Ẹ fi ara tó wà lábẹ́ léèsì sílẹ̀, etí òde nìkan ni kí ẹ gé.

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn kí ìsàlẹ̀ àwòrán máa pòórá bí èéfín níbi ìbàdí. Lórí ife, ó rẹwà gan-an. Lórí ẹ̀wù dúdú, èéfín yẹn á di ẹfun. Ìlà tó mú ni mo fi ń gé ìsàlẹ̀ ti ẹ̀wù, màá sì gbé orúkọ àti ọdún màmá lé e lórí.

Ó ku ti ojú tó rí bàìbàì. Mo pe ọmọ wọn obìnrin lórí fóònù.

“Bọ̀dá, àwòrán yẹn mọ́ kedere lójú fóònù mi o,” ló sọ.

“Àǹtí mi, fóònù ta ni wọ́n fi yà á?”

“Ti àbúrò mi ni. Orí Wáàsáàpù ẹbí ni mo ti gbé e.”

Wáàsáàpù máa ń sọ fọ́tò di kékeré kó lè tètè lọ. Èyí tó dé ọwọ́ mi jẹ́ píkísẹ́lì 1200 ní ìbú àti 1600 ní gíga, màmá fúnra wọn kò sì gbà ju 700 ní ìbú àti 1000 ní gíga lọ nínú rẹ̀. Àwọn píkísẹ́lì tó wà lára màmá ni kí ẹ kà, ti ògiri máa lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye ínṣì tí ẹ fẹ́ tẹ̀ pín iye píkísẹ́lì. Lórí ife, gíga màmá jẹ́ ínṣì 3.5, nítorí náà 1000 pín sí 3.5 fún wa ní nǹkan bíi 285 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. 300 ni àwa atẹ̀wé ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí ife fi mọ́. Lórí ẹ̀wù, ìbú wọn jẹ́ ínṣì 8. 700 pín sí 8 kò pé 88. Aṣọ máa ń bo àṣírí díẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ kò dán bíi ti ife, mo sì lè fi ọkàn balẹ̀ tẹ 200 sórí rẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju 150, ojú lásán máa rí i. Ká ní 300 ni mo fẹ́ dandan, ìbú màmá kò ní ju ínṣì 2.3 lọ láyà ẹ̀wù.

Àwọn kan máa ń lọ yí 72 padà sí 300 nínú fáìlì, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe. Píkísẹ́lì kan kò kún un. Ohun tí àyípadà yẹn sọ ni pé kí ẹ̀rọ tẹ àwòrán náà ní kékeré. Fífà á gùn nínú kọ̀ǹpútà náà kò mú awẹ́ ojú tí kò sí níbẹ̀ wá. Bí àwòrán bá sì kéré, etí náà kò ní gbọ́ràn: lẹ́yìn `Threshold Alpha`, 88 nínú ínṣì kan máa ń sọ yíyípo gèlè di àtẹ̀gùn wẹ́wẹ́ tí èèyàn lè kà.

Mo ní kí Àǹtí sọ fún àbúrò rẹ̀ kó wá fọ́tò náà nínú fóònù tó fi yà á gan-an, kó sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, kó má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Ó dé ní alẹ́ ọjọ́ náà: 3000 ní ìbú, 4000 ní gíga, màmá sì gba 1750 ní ìbú. 1750 pín sí 8 jẹ́ nǹkan bíi 219. Mo tún wọn gé láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó tóbi, nítorí pé etí tí a gé ní kékeré kì í dára mọ́ tí a bá fà á. Lẹ́yìn náà ni mo fi `Image > Crop to Content` gé òfìfo tó yí wọn ká dànù. Bí a bá fi òfìfo yẹn sílẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á wọn ínṣì 8 láti etí fáìlì dé etí fáìlì, màmá á sì kéré láàárín rẹ̀.

Ẹ̀wù kan ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Mo gbé e jáde síta sínú oòrùn, mo fi ìka tọ etí gèlè náà láti ọ̀tún dé òsì. Dúdú aṣọ ló pàdé àwọ̀ gèlè, kò sí ohunkóhun láàárín wọn. Mo wọlé lọ tẹ ìyókù.