Iná Sólà Àdúgbò Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Abúlé Ẹ̀gbá

Ìwé yìí wà fún ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé tó dáwó ra iná sólà sí àdúgbò wọn. Òpó tí ìjọba rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Èkó sí Abẹ́òkúta kì í ṣe tiyín láti tú. Ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Àgbádo/Òkè-Odò ni kẹ́ ẹ fi tó létí. Bí wáyà NEPA bá sì kọjá nítòsí òpó yín, ẹ má ṣe gbé àkàbà irin débẹ̀ rárá.

Bí iná bá ti kú, bátìrì ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Wọ́n á ra tuntun, òkùnkùn á sì tún padà kí oṣù tó parí. Bẹ́ẹ̀ ebi ló ń pa bátìrì ọ̀hún, kì í ṣe àrùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ń bọ́ ọ.

Páńẹ́lì

Ẹ tú wáyà páńẹ́lì kúrò lára kọntíróólà lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ fi mítà wò ó. Páńẹ́lì iná 12V tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fi nǹkan bíi 18 sí 22 fóòtì hàn. Bó bá jẹ́ òdo, ẹ wá ibi tí wáyà ti já tàbí ibi tí omi òjò ti jẹ orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá páńẹ́lì láre nítorí 20 fóòtì. Fóòtì dà bí gíga tí táńkì omi wà, áńpì sì ni iye omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Páńẹ́lì tí èéfín ọkọ̀ akẹ́rù àti eruku ọyẹ́ ti bò lè ní fóòtì tó pé, kó má sì rí áńpì mú wá. Ẹ ki wáyà pupa mítà bọ ihò 10A, kẹ́ ẹ fi kan ẹnu méjèèjì páńẹ́lì. Ẹ má dán irú èyí wò lára bátìrì láéláé: yóò ṣáná, ó sì lè jó yín.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ òpó kan tó ní páńẹ́lì 100 wáàtì, gílóòbù 20 wáàtì àti bátìrì 100 áńpì-wákàtí. Gílóòbù tó tàn fún wákàtí 12 á jẹ nǹkan bí 20 áńpì-wákàtí lóru kan. Ẹ ka oòrùn Èkó sí wákàtí 4 tó múná lóòjọ́. Páńẹ́lì tó mọ́ ń mú áńpì 5 àti ààbọ̀ wá, ìyẹn 22 lóòjọ́, ó tó. Bó bá wá jẹ́ áńpì 2 péré ni mítà fi hàn, 8 ló máa wọlé, 12 á sì máa dín lójoojúmọ́. Bátìrì tuntun tó kún bámúbámú kò ní í ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lábẹ́ irú páńẹ́lì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní ìdájí, kẹ́ ẹ sì gé ẹ̀ka igi tó ń ṣíji bò ó.

Kọntíróólà

Páńẹ́lì ni kọntíróólà fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nítorí náà, bí wáyà páńẹ́lì bá ti kúrò, ó yẹ kí gílóòbù tàn, kódà lọ́sàn-án. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá tàn, tí kì í sì í tàn lóru, ẹ gbójú sókè lálẹ́: ó ṣeé ṣe kí iná ṣọ́ọ̀bù kan máa tàn sára páńẹ́lì, tí kọntíróólà fi rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Bátìrì

Bí gílóòbù kò bá tàn, ẹ dá wáyà pupa mítà padà sí ihò fóòtì, kẹ́ ẹ tó wọn ẹnu bátìrì. Bátìrì olójé tó kún tó sì ti sinmi máa ń wà ní nǹkan bí 12.7. Nígbà tó bá já sí nǹkan bí 11.1, ọ̀pọ̀ kọntíróólà á gé gílóòbù kúrò, wọn ò sì ní í dá a padà títí bátìrì á fi dé bí 12.6. Àmì rẹ̀ nìyí: iná tó tàn lóru kan, tó wá ṣókùnkùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó tún tàn. Àìjẹun ni, ẹ padà sọ́dọ̀ páńẹ́lì. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó fi òdo hàn lè má tíì kú, ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ló lè ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná gbà á ṣájì kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù. Àmọ́ bí páńẹ́lì bá mọ́, tí áńpì ẹ̀ pé, tí bátìrì sì kún lírọ̀lẹ́ tó tán kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ó ti gbó nìyẹn.

Gílóòbù

Ó kù díẹ̀. Bí 12 fóòtì bá wà lẹ́nu kọntíróólà níbi tí wọ́n ya àwòrán gílóòbù sí, tí ibẹ̀ ṣì dúdú, wáyà inú òpó tàbí gílóòbù fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ má so gílóòbù mọ́ bátìrì ní tààrà àfi bí wọ́n bá kọ 12V sí i lára.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó padà, bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntíróólà, kí páńẹ́lì tẹ̀ lé e, kí gílóòbù ṣìkẹyìn. Lára bátìrì ni ọ̀pọ̀ kọntíróólà ti ń mọ̀ bóyá 12V ni tàbí 24V.